Ìdọ́gba Kẹ́mísìrì Tí Kò Tíì Dọ́gba: Ibi Tí Ìdáhùn Ti Ń Ṣìnà

Ìdọ́gba kẹ́mísìrì máa ń sọ ohun méjì fún ẹni tó bá kà á. Ó ń sọ àwọn èròjà tó pàdé ara wọn àti àwọn tó ti ibẹ̀ jáde, ó sì ń sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ sí àwọn yòókù. Bí wọn kò bá tíì mú un dọ́gba, ohun àkọ́kọ́ nìkan ló tíì sọ. Orúkọ ti pé síbẹ̀, iye ni kò tíì sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ mú iye nínú irú ìdọ́gba bẹ́ẹ̀ ti mú ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ síbẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì ṣìnà, bó ti wù kí ìṣirò rẹ̀ mọ́ tó.

Ẹ̀ka kẹ́mísìrì tó ń ṣírò bí èròjà kan ṣe pọ̀ sí èkejì ni wọ́n ń pè ní sitoikiómẹ́tirì. Jeremias Benjamin Richter, onímọ̀ kẹ́mísìrì ọmọ Jámánì, ló sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 1792. Ohun tí gbogbo ìṣirò rẹ̀ rọ̀ mọ́ ni móòlù. Mólékù kéré ju ohun tí ènìyàn lè máa kà níkọ̀ọ̀kan lọ, nítorí náà òǹkà àpapọ̀ ni wọ́n fi ń kà wọ́n, bí oníṣòwò ẹyin ṣe ń fi kíréètì ka ẹyin. Kíréètì kan jẹ́ ẹyin 30. Móòlù kan jẹ́ 6.02 × 10²³. Kíréètì ẹyin àparò kò lè wúwo tó kíréètì ẹyin adìẹ, síbẹ̀ iye ẹyin inú méjèèjì kò yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni móòlù kan èròjà yìí lè fúyẹ́, kí móòlù kan èròjà tọ̀hún sì wúwo, ṣùgbọ́n iye mólékù inú wọn dọ́gba.

Ìdí nìyí tí a kò fi lè fi gíráàmù wé gíráàmù tààrà. Mólékù ló ń pàdé mólékù, iye ló sì ṣe pàtàkì fún un, kì í ṣe ìwúwo. Onísirò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ gíráàmù di móòlù, kó bi ìdọ́gba léèrè iye móòlù èròjà kejì tó bá a mu, kó tó wá sọ ìyẹn padà di gíráàmù. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ àti ìkẹta kò nílò ìdọ́gba rárá, ìwọ̀n átọ̀mù ni wọ́n ń lò. Ìgbésẹ̀ kejì nìkan ló gbára lé ìdọ́gba, ibẹ̀ gan-an sì ni aṣìṣe yìí ń gbà wọlé.

Gáàsì ìdáná lè jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀. Purópéènì àti bútéènì ló pọ̀ jù nínú sílíńdà; purópéènì nìkan ti tó fún àlàyé yìí. Átọ̀mù kábọ́n 3 àti háídrójìn 8 ló wà nínú mólékù rẹ̀ kan. Bó bá jó dáadáa, ó ń gba ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́, ó sì ń di kábọ́n dàọ́ksáídì àti omi. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ohun tí gbólóhùn yìí sọ sílẹ̀ láìfi nǹkan kan kún un, ohun tí yóò rí ni:

C₃H₈ + O₂ → CO₂ + H₂O

Ká ní ìbéèrè náà ni pé: bí gíráàmù 44 purópéènì bá jó tán, gíráàmù mélòó kábọ́n dàọ́ksáídì ni yóò jáde? Ìwọ̀n átọ̀mù kábọ́n jẹ́ 12, ti háídrójìn jẹ́ 1, ti ọ́síjìn jẹ́ 16. Kábọ́n mẹ́ta jẹ́ 36, háídrójìn mẹ́jọ jẹ́ 8, àpapọ̀ wọn 44. Gíráàmù 44 purópéènì jẹ́ móòlù 1 géérégé. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ìdọ́gba rẹ̀, kò rí nọ́ńbà kankan níwájú èròjà méjèèjì, ó kà á sí 1 sí 1. Ó ní móòlù 1 purópéènì yóò mú móòlù 1 kábọ́n dàọ́ksáídì wá. Kábọ́n kan jẹ́ 12, ọ́síjìn méjì jẹ́ 32, móòlù 1 kábọ́n dàọ́ksáídì náà sì jẹ́ gíráàmù 44. Ó kọ 44 sílẹ̀.

Ìdáhùn náà jọ òtítọ́ lójú. Gíráàmù 44 wọlé, gíráàmù 44 jáde, ó dà bí ẹni pé nǹkan kan kò sọnù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka átọ̀mù yóò rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kábọ́n 3 wà lápá òsì, ọ̀kan ṣoṣo ló wà lápá ọ̀tún. Háídrójìn 8 wọlé, 2 ló jáde. Ọ́síjìn 2 wọlé, 3 ló jáde. Iná kì í pa átọ̀mù run, kì í sì í dá òmíràn. Ńṣe ló ń tú wọn ká, tó sì ń tò wọ́n lọ́nà mìíràn. Bí mólékù purópéènì kan bá ní kábọ́n mẹ́ta, kábọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ rí ibi wọ̀. Kábọ́n dàọ́ksáídì kan kò gbà ju ọ̀kan lọ, nítorí náà mẹ́ta ni yóò jáde. Háídrójìn mẹ́jọ yóò di omi mẹ́rin, torí méjì méjì ni omi ń gbà. Kábọ́n dàọ́ksáídì mẹ́ta ti gba ọ́síjìn 6, omi mẹ́rin ti gba 4, àpapọ̀ jẹ́ 10. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ máa ń so pọ̀ ní méjì méjì, nítorí náà mólékù márùn-ún ló máa mú 10 wá:

C₃H₈ + 5O₂ → 3CO₂ + 4H₂O

Ní báyìí, móòlù 1 purópéènì ń mú móòlù 3 kábọ́n dàọ́ksáídì wá, ìyẹn gíráàmù 132. Ìdáhùn àkọ́kọ́ fi ìlọ́po mẹ́ta kéré. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ṣi ìwọ̀n átọ̀mù mú, kò ṣi nǹkan pín, gíráàmù tó kọ lẹ́yìn ìdáhùn rẹ̀ náà tọ́. Ìpín 1 sí 1 tó lò dípò 1 sí 3 nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí yíyẹ ìṣirò wò lórí kakuletọ̀ kò fi lè tú àṣírí rẹ̀: bó bá tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́wàá, 44 náà ni yóò máa rí.

Ohun tó lè tú u ni ìwúwo gbogbo èròjà. Antoine Lavoisier kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní Faransé ní ọdún 1789 pé bí nǹkan ṣe pọ̀ tó kí iṣẹ́ kẹ́mísìrì tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ń pọ̀ tó lẹ́yìn tó parí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe dúró lórí èròjà méjì tí wọ́n bi í, kó ṣírò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pẹ̀lú ìdọ́gba àkọ́kọ́, purópéènì 44 àti ọ́síjìn 32 wọlé, ó di 76. Kábọ́n dàọ́ksáídì 44 àti omi 18 jáde, ó di 62. Gíráàmù 14 ti dàwátì, kò sì sí ibi tó lè gbà lọ. Pẹ̀lú ìdọ́gba kejì, purópéènì 44 àti ọ́síjìn 160 jẹ́ 204. Kábọ́n dàọ́ksáídì 132 àti omi 72 náà jẹ́ 204. Bí apá méjèèjì kò bá bá ara wọn mu, kí onísirò padà sí ìdọ́gba kó tó fọwọ́ kan ohun mìíràn.

Aṣìṣe náà le ju báyìí lọ bí ìbéèrè bá jẹ́ ti èròjà tí yóò kọ́kọ́ tán. Ká ní gíráàmù 44 purópéènì àti gíráàmù 96 ọ́síjìn ni wọ́n fi sílẹ̀. Purópéènì jẹ́ móòlù 1, ọ́síjìn jẹ́ móòlù 3. Ẹni tó bá lo 1 sí 1 yóò sọ pé purópéènì ni yóò tán, àti pé móòlù 2 ọ́síjìn yóò ṣẹ́ kù. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Móòlù 1 purópéènì ń fẹ́ móòlù 5 ọ́síjìn, mẹ́ta ló sì wà nílẹ̀, nítorí náà ọ́síjìn ni yóò tán. Móòlù 0.6 purópéènì péré ni ọ́síjìn yẹn lè jó tán pátápátá, kábọ́n dàọ́ksáídì tó máa jáde sì jẹ́ móòlù 1.8, ìyẹn gíráàmù 79.2. Níbí, kì í ṣe iye nìkan ló ṣì. Èròjà tí wọ́n ní ó ṣẹ́ kù gan-an ni èyí tí kò tó.

Ìṣirò yìí gbà pé ohun tó bá jó, ó jó tán pátápátá. Nínú iná gidi tí afẹ́fẹ́ kò tó, díẹ̀ nínú kábọ́n máa ń di kábọ́n mónọ́ksáídì, tí í ṣe májèlé, òmíràn á sì di èédú dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Èyí ní ìdọ́gba tirẹ̀, òun náà ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ mú dọ́gba kí wọ́n tó ṣírò.

Ohun tó ń jẹ́ kí àṣà yìí pẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé nígbà mìíràn, ìdáhùn á tọ́ láìmú ìdọ́gba dọ́gba. Bí háídrójìn bá jó, ìdọ́gba tó pé ni:

2H₂ + O₂ → 2H₂O

Nọ́ńbà iwájú háídrójìn àti ti omi jẹ́ 2 méjèèjì, ìpín wọn sì jẹ́ 1 sí 1. Ẹni tó kọ H₂ + O₂ → H₂O yóò rí i pé gíráàmù 4 háídrójìn ń mú gíráàmù 36 omi wá, òótọ́ sì ni. Àmọ́ bí ìbéèrè bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ́síjìn, ìdọ́gba kan náà yóò ní gíráàmù 32 ọ́síjìn ń mú gíráàmù 18 omi wá, nígbà tó jẹ́ pé 36 ni. Ìdáhùn àkọ́kọ́ kàn bọ́ sí i ni, nítorí pé nọ́ńbà èròjà méjì tí wọ́n bèèrè dọ́gba fúnra wọn.

Mímú ìdọ́gba dọ́gba pàápàá ní ọ̀nà tí kò yẹ. Ẹni tó ń wá ọ́síjìn kan sí i fún omi lè yí H₂O padà sí H₂O₂. Átọ̀mù apá méjèèjì yóò bá ara wọn mu, ìwúwo náà yóò sì dọ́gba, tó fi jẹ́ pé àyẹ̀wò gíráàmù kò lè mú un. Ṣùgbọ́n háídrójìn pẹrọ́ksáídì ni H₂O₂, èròjà mìíràn pátápátá tí wọ́n fi ń fọ ojú egbò, iná háídrójìn kọ́ ló sì ń mú un wá báyẹn. Nọ́ńbà kékeré ìsàlẹ̀ ló ń sọ irú èròjà tí nǹkan jẹ́; ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Nọ́ńbà ńlá iwájú nìkan ni onísirò láṣẹ láti yí.

Nínú ìbéèrè oní-èròjà méjì, ẹni tó bá rí aṣìṣe yìí lẹ́yìn tó ti ṣírò tán kò nílò láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Bó bá jẹ́ 1 sí 1 ló lò, kó mú ìdọ́gba dọ́gba, kó pín nọ́ńbà iwájú èròjà tí wọ́n bèèrè sí nọ́ńbà iwájú èyí tí wọ́n fún un, kó sì fi èsì rẹ̀ sọ ìdáhùn àtijọ́ di púpọ̀. Fún kábọ́n dàọ́ksáídì, 44 lọ́nà 3 jẹ́ 132. Fún omi, 18 lọ́nà 4 jẹ́ 72. Fún ọ́síjìn, 32 lọ́nà 5 jẹ́ 160. Bí ìbéèrè bá jẹ́ ti èròjà tí yóò kọ́kọ́ tán, àtúnṣe yìí kò tó, torí èròjà tó tán lè ti yí padà. Ìyẹn ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí móòlù.