Ẹni Tó Ti Kọjá 29 Tí Kò Tíì Pé 30

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fẹ́ mọ bí ọjọ́ orí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ 20 ṣe pín sí. Yóò to ọjọ́ orí wọn sí ìsọ̀rí ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, yóò sì ka iye ẹni tó bọ́ sínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Àtẹ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ya hisitogíráàmù.

Ká ní inú Excel ló ti ń ṣe é. Ọjọ́ orí wà ní B2 títí dé B21. Ní D2 sí D5, ó kọ ọdún tí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀: 20, 30, 40 àti 50. Ó wá kọ èyí sí E2:

```
=COUNTIFS($B$2:$B$21,">="&D2,$B$2:$B$21,"<"&D3)
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí kọ̀ǹpútà ka ẹni tó ti pé 20 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé 30. Ó fa fọ́múlà náà wálẹ̀ dé E4. Àmì $ kò sì jẹ́ kí B2 dé B21 yẹ̀ kúrò lójú kan. Ìsọ̀rí àwọn tó ti pé 50 kò ní òpin lókè, nítorí náà apá àkọ́kọ́ nìkan ló kù fún E5:

```
=COUNTIFS($B$2:$B$21,">="&D5)
```

Èsì rẹ̀ jẹ́ 3, 7, 6 àti 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20, kò sẹ́ni tó sọnù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ì bá kọ "<=29" dípò "<30". Ibẹ̀ ni wàhálà wà, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé YEARFRAC ni wọ́n fi ṣírò ọjọ́ orí láti ara ọjọ́ ìbí, torí ó máa ń mú ìdá ọdún jáde. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ yìí jẹ́ 29.6. Ó ti ju 29 lọ, kò sì tíì pé 30, nítorí náà kò sí ìsọ̀rí tó gbà á. Èsì á di 2, 7, 6, 4. Àpapọ̀ á fi 19 hàn, akọ̀wé á sì mọ̀ pé nǹkan ṣe.

FREQUENCY kì í fi tirẹ̀ hàn bẹ́ẹ̀. Ọdún tí ìsọ̀rí parí sí ló ń bèèrè, ká ní 29, 39 àti 49 ní G2 dé G4:

```
=FREQUENCY(B2:B21,G2:G4)
```

Òǹkà mẹ́ta la fún un, mẹ́rin ló máa dá padà. Ìkẹrin ni àwọn tó ju 49 lọ. Nínú Excel àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ yan àpótí mẹ́rin, kẹ́ ẹ tó tẹ Ctrl+Shift+Enter. Níbí, ẹni 29.6 á bọ́ sáàárín àwọn tó ti lé ní 30: 2, 8, 6, 4. Àpapọ̀ ṣì jẹ́ 20, àṣìṣe sì fara pa mọ́.

Nítorí náà, kí akọ̀wé tó lo FREQUENCY, kó kọ́kọ́ sọ ọjọ́ orí di odidi. Bí ọjọ́ ìbí bá wà ní C2, ohun tí yóò kọ sí B2 nìyí:

```
=DATEDIF(C2,TODAY(),"Y")
```