Ta Ló Yẹ Kó Mọ Ọ̀nà Dé Ìdí Dátà?

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1968, ní ìlú Downey ní Kalifọ́níà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí wọ́n so mọ́ kọ̀ǹpútà tẹ ọ̀rọ̀ kan jáde: `READY`. Ilé iṣẹ́ Rockwell ló wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣe ọkọ̀ Apollo tí yóò gbé èèyàn lọ sí òṣùpá, àkọsílẹ̀ àìmọye ẹ̀yà ọkọ̀ náà sì ti ń wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àwọn àti IBM pẹ̀lú Caterpillar ló jọ ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sọ ọ́ ní IMS.

Bí ìdílé ni IMS ṣe to dátà. Àkọsílẹ̀ kan wà lókè tó jẹ́ bàbá, àwọn ọmọ wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ náà sì lè bí ọmọ tiwọn. Òfin kan ṣoṣo tó le níbẹ̀ ni pé ọmọ kan kò gbọdọ̀ ní ju bàbá kan lọ. Èyí ni àwòṣe onípele. Ó bá iṣẹ́ wọn mu, nítorí ọkọ̀ ló ní ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì ló ní pọ́ǹpù, pọ́ǹpù ló ní bóòtù. Ẹni tó bá béèrè láti òkè wá sísàlẹ̀ yóò rí èsì kíá.

Ẹni tó bá béèrè láti ẹ̀gbẹ́ ni ìyà máa ń jẹ. Edgar Codd, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí IBM ní San Jose, fi àpẹẹrẹ kan hàn nínú àpilẹ̀kọ tó gbé jáde lọ́dún 1970: ilé iṣẹ́ kan ní àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ, ó sì ní àwọn iṣẹ́ àkànṣe tó ń lo àwọn ẹ̀yà náà. Ẹ jẹ́ ká fi iye tiwa sí i. Iṣẹ́ Alpha ń lo bóòtù nọ́mbà 17, ogójì ẹyọ. Iṣẹ́ Beta náà ń lò ó, ẹyọ 25.

Ká ní iṣẹ́ ni bàbá, ẹ̀yà sì ni ọmọ. Nígbà tí bóòtù 17 kò lè ní bàbá méjì, a ó kọ orúkọ rẹ̀ àti iye tó kù ní ilé ìkẹ́rùsí sábẹ́ Alpha, a ó tún un kọ sábẹ́ Beta. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá tún iye náà ṣe lábẹ́ Alpha tó gbàgbé Beta, ìròyìn méjì láti inú kọ̀ǹpútà kan náà yóò máa ta ko ara wọn. Àmì tí a fi ń mọ àìsàn yìí nìyẹn. Bí wọ́n bá ra ẹ̀yà tuntun tí iṣẹ́ kankan kò tíì gbà, kò síbi tí a ó kọ ọ́ sí, torí kò ní bàbá. Bí wọ́n bá sì fagi lé Beta, gbogbo ọmọ rẹ̀ bá a lọ, ẹ̀yà tí Beta nìkan ń lò, tó ṣì wà lórí pẹpẹ, yóò di ohun tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ rí. A lè dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ̀yà di bàbá, ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ ni yóò wá máa jìyà kan náà. IBM fi ìsopọ̀ ẹ̀gbẹ́ kún IMS lẹ́yìn náà, ó sì sọ ètò náà di ohun tó túbọ̀ díjú.

Charles Bachman ní ilé iṣẹ́ General Electric ti rí ojútùú sí apá kan ọ̀rọ̀ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Nínú àwòṣe onísopọ̀ tirẹ̀, àkọsílẹ̀ kan lè ní bàbá méjì. Àkọsílẹ̀ ìlò tó sọ pé "ogójì ẹyọ" wà lọ́wọ́ Alpha lápá kan, ó wà lọ́wọ́ bóòtù 17 lápá kejì, àwọn atọ́ka sì so wọ́n pọ̀ bí òrùka. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a kọ bóòtù náà. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì tọ́ sí ẹ̀bùn Turing tí wọ́n fún un lọ́dún 1973.

Àmọ́ ẹni tó ń kọ ètò ló ṣì ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Láti mọ àwọn ẹ̀yà tí Alpha ń lò, ètò yóò wá Alpha, yóò mú ìlò àkọ́kọ́ lórí òrùka rẹ̀, yóò fò sọ́dọ̀ ẹ̀yà tó ni ìlò náà, yóò ka orúkọ rẹ̀, yóò padà sórí òrùka, yóò sì mú èyí tó kàn, títí òrùka yóò fi pé. Ibì kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà ń rántí pé òun dúró sí fún oríṣi òrùka kọ̀ọ̀kan, oríṣi kan náà sì ni òrùka Alpha àti ti Beta. Ká wá ní, nígbà tó dé ọ̀dọ̀ bóòtù 17, ó yà wo ẹlòmíràn tó tún ń lò ó. Ìlò ti Beta ló bá níbẹ̀, ìlò yìí sì wà lórí òrùka Beta. Ibi ìdúró ti yí. Bó bá ní kí wọ́n fún òun ní "èyí tó kàn", ẹ̀yà Beta ni yóò máa kó wá fún un. Kò sí ìkìlọ̀ kankan. Àbọ̀ iṣẹ́ náà kàn máa ní irọ́ nínú ni.

Èyí ni Codd fojú sí, mo sì gbà pé òun ló rí gbòǹgbò ọ̀rọ̀: ọ̀nà dé ìdí dátà ti wọnú ètò lọ. Ó to ẹ̀yà àti iṣẹ́ sí oríṣi ìlànà márùn-ún, ó sì fi hàn pé ètò tí a kọ fún ọ̀kan kò ní ṣiṣẹ́ lórí ó kéré tán mẹ́ta nínú mẹ́rin tó kù. Bí ilé iṣẹ́ bá tún dátà rẹ̀ tò, àfi kó tún àwọn ètò rẹ̀ kọ.

Ohun tó fi rọ́pò rẹ̀ ni àtẹ lásán, ìyẹn àwòṣe ìbátan: àtẹ kan fún ẹ̀yà, ọ̀kan fún iṣẹ́, ọ̀kan fún ìlò. Kò sí atọ́ka tí ẹnikẹ́ni ń tọ̀. Nọ́mbà ẹ̀yà àti nọ́mbà iṣẹ́ tó wà lórí ìlà ìlò ló so wọ́n pọ̀. Nínú SQL, èdè ìbéèrè tí Donald Chamberlin àti Raymond Boyce dá sílẹ̀ ní IBM, ìbéèrè wa nìyí:

```
SELECT PART.PNO, PART.PNAME, USES.QTY
FROM   PART, USES, PROJECT
WHERE  PART.PNO = USES.PNO
  AND  USES.JNO = PROJECT.JNO
  AND  PROJECT.JNAME = 'ALPHA'
```

Ẹ wò ó dáadáa, kò sọ ibi tí kọ̀ǹpútà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àwọn iṣẹ́ tó ń lo bóòtù 17 yóò yí ohun tó ń béèrè àti ìlà tó kẹ́yìn padà, àtẹ kò ní kúrò níbi tó wà. Ẹ̀yà tí kò níṣẹ́ ní ìlà tirẹ̀, píparẹ́ Beta kò sì kan án.

Àwọn tí kò fara mọ́ ọn sọ pé yóò fà bí ìgbín, ẹ̀rù wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí èèyàn kò bá yan ọ̀nà mọ́, ta ni yóò yàn án? Ìdáhùn wá láti inú System R, iṣẹ́ ìwádìí IBM ní San Jose. Lọ́dún 1979, Patricia Selinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé bí kọ̀ǹpútà ṣe lè wo iye ìlà àtẹ kọ̀ọ̀kan àti àwọn atọ́ka àwárí tó wà, kó ṣírò iye tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yóò ná an, kó sì mú èyí tó rọ̀ jù. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ 200 tí ìlò sì jẹ́ 100,000, yóò kọ́kọ́ wá ìlà Alpha, yóò mú ìlò tirẹ̀ nìkan, lẹ́yìn náà ni yóò wá àwọn ẹ̀yà. Bí iye bá yí padà, ọ̀nà yóò yí padà, ẹnikẹ́ni kò sì ní fọwọ́ kan ètò. Bí iye tó ń wò bá ti di ti àtijọ́, ó lè ṣi ọ̀nà yàn, kí ìbéèrè tó gba ìṣẹ́jú àáyá kan lánàá gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá lónìí. Àmọ́ èsì rẹ̀ kò ní yàtọ̀. Lórí òrùka, ẹni tó ṣìnà yóò mú irọ́ bọ̀. Lórí àtẹ, yóò kàn pẹ́ ni. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ yìí ló borí gbogbo rẹ̀.

Oracle ti ń ta ètò alátẹ tirẹ̀ lọ́dún 1979, IBM sì gbé DB2 jáde lọ́dún 1983. Síbẹ̀, ibì kan wà tí àtẹ ti ṣe aláìní fún ìgbà pípẹ́: ẹ̀yà tó wà nínú ẹ̀yà tó wà nínú ẹ̀yà, tí a kò mọ ìpele tó máa dé. SQL ìgbà náà ní láti so àtẹ pọ̀ mọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń kọ ọ́ sì ní láti mọ iye ìpele kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1999 ni ìlànà àgbáyé fún SQL tó gba `WITH RECURSIVE` wọlé.