Ọwọ́ Tí Wọ́n Gé Lọ́jọ́ Kérésìmesì

Lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2005, wọ́n gé Dókítà lọ́wọ́ lójú gbogbo ayé lórí tẹlifíṣọ̀n BBC. Ọwọ́ náà já bọ́ láti ojú sánmọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, òmíràn hù níbẹ̀, ìjà idà sì ń bá a lọ. Ọ̀pọ̀ òǹwòran rẹ́rìn-ín, wọ́n gbàgbé. Àwọn tó ń kọ eré náà ò gbàgbé.

Doctor Who ni eré ọ̀hún. Lóṣù kẹfà ọdún náà, nígbà tí sáà kan parí, Dókítà yí ara padà: Christopher Eccleston bọ́ sílẹ̀, David Tennant gba ipò rẹ̀. Sáà tó kàn di oṣù kẹrin ọdún 2006. Bí eré bá dákẹ́ tó oṣù mẹ́wàá, èèyàn lè rí nǹkan mìíràn wò. Àkànṣe Kérésìmesì ló dí àlàfo yẹn, lọ́jọ́ tí ẹbí pé sílé tí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Gẹ̀ẹ́sì sì ń du òǹwòran mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tí ò pa ìpín kan jẹ rí àti ìyá àgbà tó wá ṣọdún jọ wà ní pálọ̀ kan náà. Ọgbọ́n tí Russell T Davies, tó kọ ọ́, dá sí i ni pé ó fi oorun gbé Dókítà fún èyí tó pọ̀ jù nínú wákàtí kan náà. Àlejò ń béèrè ta ni ọkùnrin yìí. Rose, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, tó bá ojú tuntun pàdé, ń béèrè bákan náà. Tíì gbígbóná tó dà sínú ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀, tí ooru rẹ̀ fẹ́ sí i nímú, ló jí i. Ó lé ọ̀tá lọ, ìtàn parí, ìyá àgbà lè lọ sùn.

Ṣùgbọ́n okùn méjì ṣẹ́ kù nílẹ̀. Dókítà fi gbólóhùn kúkúrú kan tó rọra sọ yẹ àga mọ́ olórí ìjọba, Harriet Jones, nídìí; ní 2007, ọ̀tá rẹ̀ àtayébáyé wọlé gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba. Ọwọ́ tó já bọ́ ńkọ́? Inú ìgò ni wọ́n tọ́jú ẹ sí, ó tún yọjú lọ́dún 2007 yẹn, nígbà tó sì di 2008, odindi Dókítà kejì tara rẹ̀ jáde.

Kì í fìgbà gbogbo rí báyìí. Lójú tèmi, àkànṣe 2013, tí Matt Smith fi dágbére, ru ju ẹrù rẹ̀ lọ: ọ̀pọ̀ gbèsè ìtàn láti sáà mẹ́ta ló fẹ́ san lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò lè rídìí ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá ń wo àwọn sáà àtijọ́, torí àwọn ibì kan ń to àkànṣe sọ́tọ̀. Ìyàwó tó múra ìgbéyàwó ṣàdédé hàn nínú ọkọ̀ Dókítà ní ìparí sáà kejì. Ẹni tó bá fo àkànṣe 2006 ò ní bá a ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kẹta. Donna lorúkọ ẹ̀, ó sì di sáà kẹrin kó tó padà wá gẹ́gẹ́ bí alábàárìn Dókítà.