Àyẹ̀wò Àìsàn Sílíákì, àti Ìdí Tí Búrẹ́dì Kò Fi Gbọdọ̀ Tètè Kúrò Lẹ́nu

Àìsàn sílíákì ni èyí tí ara èèyàn fi ń bá ìfun ara rẹ̀ jà nígbà tó bá jẹ gúlútẹ̀nì. Gúlútẹ̀nì jẹ́ purotéènì kan tó wà nínú àlìkámà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní wíìtì, nínú ọkà báálì àti nínú ọkà ráì. Òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì máa fà nígbà tí wọ́n bá ń pò ó. Kò ṣe ọ̀pọ̀ ẹni tí kò ní àìsàn yìí ní nǹkan kan. Lára ẹni tó ní in, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tó yẹ kí wọ́n máa gbógun ti kòkòrò àrùn á mú gúlútẹ̀nì ní ọ̀tá, ìfun kékeré ló sì máa ń fara gbọgbẹ́ nínú ìjà náà. Inú ìfun yìí kì í ṣe ohun tó tẹ́jú. Àwọn ìka wẹ́wẹ́ ló bò ó, wọ́n dúró ṣùúrù bí irun orí tówẹ̀lì, àwọn ló sì ń fa èròjà oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ìjà náà bá pẹ́, wọ́n á kúrú, wọ́n á tẹ́ pẹrẹsẹ, oúnjẹ á wá máa gba inú kọjá láì ṣe ara láǹfààní.

Ìgbẹ́ gbuuru tí kò tán, inú wíwú àti ara tó ń rù ni àwọn àmì tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń mẹ́nu bà. Bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà lè ní àìsàn yìí kó má yàgbẹ́ gbuuru rárá. Ó lè jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀ tí oògùn kò ràn, àárẹ̀, egbò ẹnu, egungun tó ń di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, tàbí ìléròrò tó ń yúnni ní ìgúnpá àti orúnkún. Ọmọdé lè wà tí kò sanra, tí kò sì ga bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nǹkan bí ẹnì 1 nínú 100 ló ní in. Àìsàn òyìnbó nìkan kọ́ o: nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọmọ Sàràwí ti ìwọ̀-oòrùn aṣálẹ̀ Sàhárà wò, ó lé ní 5 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n rí i lára wọn. Nílẹ̀ Yorùbá, ohun mìíràn ló sábà máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru ọlọ́jọ́ pípẹ́, bí aràn, ikọ́ ẹ̀gbẹ inú ìfun tàbí kòkòrò HIV. Ó tọ́ kí dókítà kọ́kọ́ wá ìwọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n bí kò bá rí wọn, sílíákì yẹ ní wíwò.

Dókítà ọmọdé kan ní Nẹ́dálándì, Willem-Karel Dicke, ló fi hàn pé àlìkámà ló wà nídìí ọ̀ràn náà. Ó ti ń fura sí i kí ogun àgbáyé kejì tó dé. Nígbà tí ìyàn mú níbẹ̀ ní 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì di ohun ọ̀wọ́n, ara àwọn ọmọ tó ní àìsàn yìí ń yá. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn náà padà. Ó kọ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1950.

Ìtàn yẹn ló mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀nà ìdánwò tó rọrùn jù ni kí èèyàn pa búrẹ́dì tì, kó wò ó bóyá ara á yá. Àyẹ̀wò òde òní kò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ara bá ń bá gúlútẹ̀nì jà, ó máa ń ṣe àwọn èròjà agbóguntì sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn yẹn ni àyẹ̀wò tí wọ́n ń kọ sórí fọ́ọ̀mù bí tTG-IgA ń kà. Kò wá gúlútẹ̀nì fúnra rẹ̀, kò sì wo ìfun. Ipasẹ̀ ìjà ló ń wá. Wọ́n gbọ́dọ̀ ka àpapọ̀ IgA tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, nítorí àwọn kan wà tí ara wọn kì í ṣe IgA tó. Èsì irú wọn á dà bí ẹni pé kò sí nǹkan, nígbà tí nǹkan wà. Oríṣi èròjà mìíràn, IgG, ni wọ́n máa ń fi yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò.

Ibi tí jíjáwọ́ nínú búrẹ́dì ti ń ba ọ̀ràn jẹ́ nìyí. Bí gúlútẹ̀nì kò bá wọlé mọ́, ìjà á rọlẹ̀, ara á sì dín èròjà agbóguntì kù. Iye wọn á máa já wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àti oṣù, títí yóò fi bọ́ sí ibi tí ti aláìlárùn wà. Ìfun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í san. Bí wọ́n bá wá fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn èyí, èsì lè jáde pé kò sí àìsàn. Ẹ̀rọ kò ṣe àṣìṣe. Ohun tó ń wá ni kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

A lè fi àpẹẹrẹ obìnrin kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù là á yé ara wa. Ọdún méjì ló ti ń lo oògùn àìtó ẹ̀jẹ̀ tí kò ràn án, inú rẹ̀ sì máa ń wú lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó jáwọ́ nínú búrẹ́dì. Ó jáwọ́ nínú búrẹ́dì, sẹ̀mó àti indómì, ara sì tù ú. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ó ní kí dókítà yẹ òun wò. Èsì tTG-IgA rẹ̀ jẹ́ 6, nílé àyẹ̀wò tó ka ohun tí kò tó 10 sí aláìlárùn. Àpapọ̀ IgA rẹ̀ pé. Bí ẹnikẹ́ni kò bá bi í ní ohun tó ń jẹ, wọ́n á sọ fún un pé kì í ṣe sílíákì. Dókítà tó mọṣẹ́ á bi í. Obìnrin náà padà sídìí búrẹ́dì, bíbẹ́ kan láàárọ̀, òmíràn lálẹ́. Inú rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ṣùgbọ́n ó fara dà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀, èsì ti di 74.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn kì í ṣe iye tí a kàn mú. Ìlànà àjọ NICE nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò jẹ gúlútẹ̀nì nínú oúnjẹ tó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́, fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú àyẹ̀wò. Ẹni tí kò bá tíì jáwọ́ kò ní láti fi kún un. Kó ṣáà máa jẹ bó ṣe ń jẹ ni. Ẹni tí ara rẹ̀ kò lè gba gúlútẹ̀nì padà, kó má fi ipá jẹ ẹ́. Kí ó sọ fún dókítà, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọdé. Irú wọn lè ṣe àyẹ̀wò àjogúnbá, HLA-DQ2 àti HLA-DQ8, tí oúnjẹ kò yí padà. Bí èèyàn kò bá ní ìkankan nínú méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kì í ṣe sílíákì. Bó bá ní in, ìyẹn kò fi nǹkan kan múlẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn le ló ní in.

Èsì ẹ̀jẹ̀ tó ga kọ́ ni òpin rẹ̀ fún àgbàlagbà. Wọ́n sábà máa ń ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ rírọ̀ tó ní kámẹ́rà gba ẹnu lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, wọ́n á sì já ẹran wínńwínní bíi márùn-ún jáde láti ojú ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ibẹ̀ ló máa ń bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n rí èsì ẹ̀jẹ̀, ayọ̀ pé wọ́n ti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n mú kí wọ́n sọ búrẹ́dì nù lọ́jọ́ náà, ìfun sì ti ń san kí ọjọ́ kámẹ́rà tó pé. Títí wọn yóò fi já ẹran yẹn ni gúlútẹ̀nì gbọ́dọ̀ fi wà lẹ́nu. Fún àwọn ọmọdé kan, tí èsì tTG-IgA wọn ga ju ààlà lọ ní ìlọ́po 10, dókítà lè fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kejì gbè é lẹ́sẹ̀ láì lo kámẹ́rà.

Lẹ́yìn tí gbogbo èyí bá ti parí ni gúlútẹ̀nì á kúrò, kúrò pátápátá, títí ayé. Kò sí oògùn tó lè rọ́pò ìyẹn. Oúnjẹ Yorùbá sì ṣe olóko àìsàn yìí lóore gidigidi. Iyán, ẹ̀bà, fùfú, àmàlà, láfún, ẹ̀kọ, ọ̀gì, ìrẹsì, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, dòdò, ọkà bàbà àti jéró, kò sí gúlútẹ̀nì nínú ìkankan wọn. Ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ̀fọ́, ẹ̀gúsí àti epo náà kò ní in. Ohun tó ní in ni búrẹ́dì, sẹ̀mó tí wọ́n fi àlìkámà ṣe, òkèlè wíìtì, indómì, makaróní, pọ́fùpọ́fù, ṣíńṣíń, míìtì páì àti bisikíìtì. Mọ́ọ̀tì àti bíà tí wọ́n fi báálì ṣe wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyẹ̀fun tíì kan tí wọ́n fi mọ́ọ̀tì sí. Òkèlè wíìtì ló yẹ kí a ṣọ́ jù, nítorí ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ ló kà á sí oúnjẹ ìlera, oríṣi àtọ̀gbẹ tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré sì máa ń bá sílíákì rìn. Búrẹ́dì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ lú kò gba èèyàn là: àlìkámà ṣì wà nínú rẹ̀.

Oúnjẹ tí kò ní gúlútẹ̀nì lè kó o láti ara òmíràn. Àkàrà tí wọ́n dín sínú epo tí wọ́n fi dín pọ́fùpọ́fù kò mọ́ mọ́. Ẹ̀rọ tó lọ wíìtì tán, tó wá lọ èlùbọ́, ti ta gúlútẹ̀nì sí i. Nínú ilé, igi ìrokà tí wọ́n fi ro sẹ̀mó kò yẹ kó wọ ìkòkò àmàlà kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ dáadáa. Mágì àti àwọn èròjà ọbẹ̀ inú ọ̀rá, ara ìwé wọn ni kí a kà, nítorí ilé iṣẹ́ kan lè fi àlìkámà sí i kí òmíràn má fi sí i. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, oúnjẹ tí wọ́n bá kọ ọ́ sí lára pé kò ní gúlútẹ̀nì kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 20 lọ nínú kílò kan.

Wọ́n máa ń tún tTG-IgA ka lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà àti ọdún kan. Bí iye rẹ̀ bá ń já, oúnjẹ náà ń ṣiṣẹ́. Bó bá dúró sójú kan, gúlútẹ̀nì ṣì ń wọlé láti ibì kan, epo ìdín àti ẹ̀rọ ìlọta sì wà lára ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ìka inú ìfun àgbàlagbà lè gba ọdún kan tàbí méjì kí wọ́n tó hù padà, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ti le ṣáájú. Òbí, ọmọ àti ọmọ ìyá ẹni tó ní sílíákì yẹ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà, nítorí nǹkan bí ẹnì 1 nínú 10 wọn lè ní in. Kò yẹ kí a yí oúnjẹ gbogbo ilé padà nítorí aláìsàn kan kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ àwọn yòókù.