Ojú Ìwé Kan Tó Ń Pe Òbí Wá sí Iléèwé

Bí sáà kẹta bá ti ń lọ sópin ní oṣù Keje, ojú Fesibúùkù àwọn iléèwé aládàáni a kún fún fọ́tò ayẹyẹ: àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi nínú aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́yege, àwọn olùkọ́ nínú aṣọ ẹbí. Àwọn òbí tó lọ́mọ níbẹ̀ ló ń kan sáárá sí i. Òbí tó ń wá iléèwé tí yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ ní oṣù Kẹsàn-án ní tirẹ̀ ń wá iye owó, bí ọmọ yóò ṣe máa lọ tí yóò máa bọ̀, àti ẹni tí yóò dá a lóhùn. Kò rí èyíkéyìí níbẹ̀.

Ojú ìwé kan ṣoṣo tó lè tún èyí ṣe, iye òbí tó yẹ kó béèrè ló gbọ́dọ̀ wà lókè rẹ̀ pátápátá. Ẹ jẹ́ ká fi iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní àyè ọmọ 20 ló ṣófo. Ọ̀gá iléèwé yẹ ìwé àlejò ọdún tó kọjá wò, ó rí i pé ìdajì àwọn tó béèrè ló wá wo ọgbà, àti pé nínú mẹ́ta tó wá, ẹnì kan ló forúkọ ọmọ sílẹ̀. A jẹ́ pé òbí 60 ló gbọ́dọ̀ wá, kí 60 sì tó wá, 120 gbọ́dọ̀ béèrè. Bí a bá pín in sí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láàárín oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, òbí 15 ni lọ́sẹ̀ kan.

Lábẹ́ rẹ̀ ni ká kọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gbé ní Akóbọ̀ tàbí Bàṣọ̀run ni, torí òbí kì í fẹ́ kí ọmọ kékeré máa la ìlú kọjá láàárọ̀. Bí iléèwé bá sanwó ìpolówó lórí Fesibúùkù, kó fi òbìrí yí àdúgbò rẹ̀ ká, bíi kílómítà márùn-ún, kí bọ́tìnnì ìpolówó náà sì gbé òbí lọ tààrà sí Wáásáàpù. Àìṣe èyí ló ń jẹ́ kí ẹni tó wà ní Kánò máa tẹ láíkì fún iléèwé Ìbàdàn.

Kí la ó wá sọ fún wọn? Mo gbà pé kí a sọ owó ní gbangba. Àwọn onílé-ìwé ń bẹ̀rù kí iléèwé kejì má gbọ́ iye tí wọ́n ń gbà, àmọ́ iléèwé kejì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Òbí nìkan ni kò mọ̀. Ká tún fi fídíò ìṣẹ́jú kan hàn wọ́n, níbi tí olùkọ́ ti ń kọ́ ọmọ láti so lẹ́tà pọ̀ di ọ̀rọ̀. Kí òbí ọmọ tó wà nínú fídíò fọwọ́ sí i ní kíkọ sílẹ̀ ṣáájú: òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 gbé àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé lé òbí lọ́wọ́. Kí a má sì kọ orúkọ ọmọ sábẹ́ rẹ̀. Ojú, orúkọ àti yunifọ́ọ̀mù papọ̀ ti tó láti júwe ọmọ fún ẹni ibi.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ti ń bàjẹ́ ni ìdáhùn. Alẹ́ ni òbí máa ń ráyè kọ̀wé, lẹ́yìn iṣẹ́. Nítorí náà, kí orúkọ ẹnì kan wà nínú ìwé náà tí yóò máa dáhùn títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí fóònù sì jẹ́ ti iléèwé, kí nọ́ńbà àwọn òbí má baà bá olùkọ́ tó fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ. Bí òbí bá kọ ọ́ pé, "Ẹ káalẹ́ mà, èló ni Prámárì Kìíní?" tí a ní, "Ẹ wá sí ọ́fíìsì," kò ní wá. Ìdáhùn tó ń mú un wá rí báyìí: "Ẹ káalẹ́ sà. ₦85,000 ni fún sáà kan, ìwé wà níbẹ̀, aṣọ àti bọ́ọ̀sì kò sí níbẹ̀. Ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé Ọjọ́rú ló rọ̀ yín lọ́rùn láti wá wo kíláàsì ni, àbí Ọjọ́bọ̀?"

Ìsàlẹ̀ ìwé náà wà fún kíkà. Kí ìpolówó kọ̀ọ̀kan ní líǹkì tirẹ̀, tí ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú rẹ̀ kí òbí tó fi ránṣẹ́:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=Fesibuuku
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=Patako
```

Nọ́ńbà fóònù láìsí òdo ìbẹ̀rẹ̀ ló máa rọ́pò àwọn X. Bí òbí bá ti tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ tó bá wọlé yóò sọ ibi tó ti rí wa.

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí a ka àwọn tó béèrè, àwọn tó wá, àti àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Bí àwọn tó béèrè kò bá tó 15, òbìrí tàbí ọ̀rọ̀ ìpolówó ló yẹ ká tún ṣe. Bí wọ́n bá béèrè tí wọn ò wá, ká tún àwọn ìdáhùn orí fóònù kà. Bí wọ́n bá wá tán tí wọn ò forúkọ sílẹ̀, kò sóhun tí ìpolówó lè ṣe sí i. Ká dá a dúró, ká béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí náà ohun tí wọ́n rí nínú ọgbà, ká sì fi owó rẹ̀ tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí fèrèsé kíláàsì ṣe.