Fídíò ìgbéyàwó oníṣẹ́jú márùn-ún: ohùn ni wọ́n fi ń tò ó, kì í ṣe àwòrán

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, béèyàn bá gba ọ̀nà Ìkòròdú kọjá sí Ìtóìkín kó tó bọ́ sí Ẹ̀pẹ́, kò ní ṣàì pàdé ọkọ̀ tí wọ́n wọ aṣọ ẹbí kún inú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, fídíò ìnáwó náà á dé orí fóònù. Ọ̀kan gùn gbọọrọ, wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ká sòótọ́, màmá ìyàwó nìkan ló máa ń wò ó tán. Èkejì ni gbogbo ẹbí máa ń fi ránṣẹ́ síra wọn, ìyẹn èyí kúkúrú tí àwọn oníkámẹ́rà ń pè ní haílaìtì. Kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn haílaìtì wọ̀nyí ló jọra wọn. Dúróònù á fò lórí gbọ̀ngàn, bàtà ìyàwó á wà lórí àga, òrùka á máa dán, orin kan ṣoṣo á sì máa lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Téèyàn bá wò ó tán, kò gbọ́ ohùn ọkọ, kò gbọ́ tìyàwó, kò gbọ́ ti bàbá ẹnikẹ́ni. Èyí tó ń mú kí wọ́n ní “ẹ tún un fi sí i,” ohùn ni ẹni tó ṣe é kọ́kọ́ tò sórí bébà, kó tó fọwọ́ kan àwòrán. Bébà yẹn ni wọ́n ń pè ní sikíríìpù. Ohun mẹ́ta ló máa ń wà nínú rẹ̀: ẹ̀jẹ́ tí tọkọtìyàwó jẹ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà lẹ́nu àwọn àlejò, àti ibi tí orin ti máa wọlé tàbí tó ti máa dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní ìyàwó jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́, ọkọ jẹ́ ọmọ Ìkòròdú. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ṣe ìdána nílé bàbá ìyàwó l'Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì n'Ìkòròdú. Oníkámẹ́rà fọ̀rọ̀ wá ènìyàn méje lẹ́nu wò. Tó bá ko gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu jọ, ó lè tó ogójì ìṣẹ́jú. Nínú ogójì yẹn, bóyá ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ló máa wọ fídíò.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé kó jókòó, kó fi hẹ́dífóònù sétí, kó má wo àwòrán rárá. Gbólóhùn tó bá ta á létí, á kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni náà ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá tó bọ́ sí. Nínú àpẹẹrẹ wa yìí, ìyá àgbà ìyàwó, tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ta ẹja l'ọ́jà Olúwo, ló sọ ọ̀rọ̀ tó dára jù. Ó ní: “Nígbà tó wà ní kékeré, ẹsẹ̀ bàtà mi kan ló máa ń gbé pamọ́, kí n má baà lè lọ sọ́jà.” Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ní: “Lónìí ńkọ́? Èmi ni mo gbé bàtà tirẹ̀ pamọ́.”

Bí ìyá ṣe sọ ọ́, gbólóhùn méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á fi wọ́n síbi kan náà, àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín, ó parí nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ya wọ́n. Á fi ìkínní ṣí fídíò, á sì pa ìkejì mọ́ di ẹ̀yìn ẹ̀jẹ́. Láàárín méjèèjì, ẹni tó ń wò ó á ti mọ ọmọ náà, á ti rí i tó kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀, á ti gbọ́ bó ṣe gbà láti bá ọkọ rẹ̀ lọ. Tí ọ̀rọ̀ bàtà bá wá padà dé, kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló máa fà mọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní títò bí ọkàn ṣe ń gbà á nìyẹn: kì í ṣe bí aago ṣe lọ la fi ń tò ó. Ọjọ́bọ̀ lè wà lẹ́yìn Àbámẹ́ta nínú fídíò, kò sí ẹni tó máa bínú. Ààlà kan ṣá ló wà níbẹ̀: wọn ò gbọdọ̀ gé ọ̀rọ̀ ìyá débi tó fi máa dà bíi pé ó sọ ohun tí kò sọ.

Sikíríìpù náà lè wá lọ báyìí. Ìṣẹ́jú-àáyá márùndínlógójì àkọ́kọ́ kò ní orin kankan, ariwo omi ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ àti ohùn ìyá àgbà nìkan ni. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bàtà ni gìtá wọlé jẹ́jẹ́, tí ìyàwó ń múra, tí ọ̀rẹ́ ọkọ ń sọ bí ọkùnrin náà ṣe máa ń kúrò n'Ìkòròdú ní ìdájí torí kó lè tètè dé Ẹ̀pẹ́. Ní bíi ìṣẹ́jú kan àti àáyá mẹ́wàá, ìlù gbà á: alága ìjókòó àti alága ìdúró ń fa ọ̀rọ̀ lọ fà á bọ̀, ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ẹ̀rín sọ. Ibẹ̀ ni fídíò ti gbóná. Torí náà, ibẹ̀ ló ti yẹ kó tutù: ní ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀, ìlù dá, ìyàwó kúnlẹ̀, bàbá rẹ̀ ń wúre, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú kẹta ni ẹ̀jẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀jẹ́ ni ìyá àgbà tún sọ̀rọ̀, gángan wá bú sẹ́kún lójijì, ijó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń bá a lọ títí tó fi parí ní bíi ìṣẹ́jú márùn-ún ààbọ̀.

Kò yẹ kí wọ́n fi gbogbo ẹ̀jẹ́ síbẹ̀. Gbólóhùn kan tàbí méjì lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan ti tó. Bí ohùn ọkọ bá há, tó dákẹ́ fún àáyá mẹ́ta kó tó tẹ̀síwájú, kí wọ́n má gé ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Orin gbọ́dọ̀ ti kúrò nílẹ̀ ní bíi àáyá mẹ́rin ṣáájú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, kí etí lè mọ̀ pé nǹkan kan ń bọ̀.

Ní ti yìgì, èyí tó pọ̀ gan-an l'Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, kì í ṣe pé ọkọ àtìyàwó máa kojú síra wọn ka ẹ̀jẹ́ gígùn. Àárín walí ìyàwó àti ọkọ ni ọ̀rọ̀ ti ń ṣẹlẹ̀: ẹnì kan á ní òun fi í fún un, èkejì á ní òun gbà, wọ́n á sì dárúkọ sàdáàkì. Àáyá mélòó kan ni gbogbo rẹ̀. Tí gbohùngbohùn ò bá sí nítòsí àwọn méjèèjì lásìkò yẹn, ó ti lọ nìyẹn.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ fídíò ti ń bàjẹ́. Kámẹ́rà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo níta, ohùn tó wọlé sì dà bíi ti ẹni tó wà nínú kànga. Ojútùú rẹ̀ kò wọ́n. Gbohùngbohùn kékeré kan ni wọ́n ń há mọ́ etí kóòtù ọkọ, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tàbí fóònù tó wà lápò rẹ̀, tí wọ́n ti tẹ Airplane mode. Torí pé tọkọtìyàwó kojú síra wọn, tí wọn ò sì jìnnà sí ara wọn, ohùn ìyàwó náà á wọ ibẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ agbádá ló wọ̀, kí wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ bùbá nínú kó má lè mì, torí léèsì àti aṣọ òkè máa ń ha gbohùngbohùn, ariwo rẹ̀ a sì bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Kí wọ́n tún gba ohùn kejì láti ara sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì, torí nǹkan lè yíwọ́. Ẹni tó ń gbà á sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hẹ́dífóònù sétí kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Tí ìwọ̀n ohùn bá ń kan pupa, tí ọ̀rọ̀ sì ń fọ́ bíi rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú, kó dín in kù lójú ẹsẹ̀. Ohùn tó bá ti fọ́ báyẹn kì í ṣeé tún ṣe dáadáa mọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn àlejò ní ìṣòro tirẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wọ́n ni “kí lẹ fẹ́ sọ fún tọkọtìyàwó?” Àdúrà kan náà ni gbogbo ènìyàn á sì gbà. Àdúrà dáa, àmọ́ ènìyàn méje tó ń wúre kan náà kò lè gbé fídíò. Ẹ béèrè ohun kan pàtó: “Màmá, kí ló máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé tí ẹ ò lè gbàgbé?” Ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà fi rántí bàtà. Ẹ kí wọn dáadáa ná, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó, ẹ mú wọn lọ sẹ́yìn ilé kí díjéè tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń sọ nílé sọ ọ́, kí wọ́n má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá Yorùbá ìwé kiri. Tí àwọn ẹbí tó wà lókè òkun kò bá lóye, àkọlé lè wà nísàlẹ̀ fídíò.

Ó ku orin. Orin tó ní ọ̀rọ̀ kò dáa lábẹ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, torí etí kò lè tẹ̀ lé ẹnu méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kó jẹ́ ìlù tàbí gìtá lásán, kí wọ́n sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 15 sí 20 sí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó máa ń wu àwọn ará Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n gbọ́ àpàlà Ligali Mukaiba, ọmọ wọn, nínú fídíò wọn, kò sì burú létí. Àmọ́ orin olórin ni, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022 sì dáàbò bò ó. Lórí YouTube, ohun tí wọ́n ń pè ní Content ID lè dá orin mọ̀, fídíò lè má ṣí mọ́ lórílẹ̀-èdè kan, tàbí kí owó ìpolówó rẹ̀ máa lọ sápò olórin. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí wọ́n bá onígángan tó wá síbi ìnáwó sọ̀rọ̀, kó lu ìlù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbi tó parọ́rọ́, kí wọ́n sanwó fún un, kí wọ́n sì kọ àdéhùn sílẹ̀. Orin náà á jẹ́ ti ọjọ́ yẹn gan-an, ẹlòmíràn ò sì ní irú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nípa ijó ìparí. Àwọn oníbàárà kan ti ń sọ pé kí wọ́n yọ ibi tí wọ́n ti ń náwó sórí ìyàwó kúrò, wọn ò sì jayò pa. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti 2007 ka nínáwó náírà báyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín sí oṣù mẹ́fà, owó ìtanràn tí kò dín sí ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ rán Bobrisky lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Kí wọ́n tó fi fídíò jíṣẹ́, kí wọ́n gbé e sórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, láìsí hẹ́dífóònù, kí wọ́n gbọ́ ọ nínú yàrá tí fáànù ti ń fẹ́. Orí irú fóònù yẹn ni ìyá àgbà àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ti wò ó. Ìlù tó dún kìkìkì nínú sípíkà ńlá lè má dún rárá níbẹ̀, ohùn bàbá tó ń wúre sì lè ti rì sábẹ́ gìtá. Tí wọn ò bá gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ bàbá ketekete, kí wọ́n padà lọ rẹ gìtá náà sílẹ̀ sí i.