Ọmọ mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló kúrú ju ọmọ yìí lọ? Bí a ṣe ń bi àtẹ z

Ká ní ọmọkùnrin kan pé oṣù mẹ́rìnlélógún ní òní. Nọ́ọ̀sì mú un dúró sí ara pákó ìwọnga, ó wo ibi tí orí rẹ̀ dé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé sẹ̀ǹtímítà 83.2. Ohun tí ìyá ọmọ fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ọmọ òun kúrú? Nọ́ńbà 83.2 kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀. A ní láti mọ bí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà ṣe ga tó, kí a sì mọ iye wọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe apá kìíní iṣẹ́ yìí. Láti ọdún 1997 sí 2003 ni wọ́n fi wọn àwọn ọmọdé ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, ìyẹn Bùràsíìlì, Gánà, Íńdíà, Nọ́wè, Òmáànì àti Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn fún lọ́yàn dáadáa, tí wọn ò sì gbé inú ìnira, ni wọ́n yàn, nítorí wọ́n fẹ́ mọ bó ṣe yẹ kí ọmọ dàgbà nígbà tí ohunkóhun kò bá dí i lọ́wọ́. Ọdún 2006 ni wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde. Nínú èsì yẹn, ọmọkùnrin olóṣù mẹ́rìnlélógún tó wà ní àárín gbùngbùn ga tó sẹ̀ǹtímítà 87.1 tó bá dúró. Ìwọ̀n ìfọ́nká wọn, tó ń sọ bí gíga àwọn ọmọ ṣe jìnnà sí àárín yẹn tó, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3.06.

Tí a bá ya gíga gbogbo ọmọ wọ̀nyẹn sórí ìwé, ìlà tó ní ìrísí agogo ló máa jáde: ó ga ní àárín níbi tí ọmọ pọ̀ sí, ó sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lápá méjèèjì bákan náà. Ìlà nọ́mà nìyẹn. Gbogbo ààyè tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ odindi kan, ìyẹn gbogbo ọmọ pátá. Tí a bá wá fa ìlà òòró kan lulẹ̀ níbi 83.2, ìwọ̀n ààyè tó bá kù sí apá òsì ni iye àwọn ọmọ tó kúrú ju ọmọ wa lọ. Ohun tí a ń wá kò ju ìwọ̀n ààyè yẹn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí fọ́múlà ṣókí tí èèyàn lè fi nọ́ńbà sí kí ìwọ̀n ààyè náà já bọ́. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní láti ṣe é díẹ̀díẹ̀ lọ́nà gígùn, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Christian Kramp, tó ń ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ṣe ń tẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, tẹ irú àtẹ bẹ́ẹ̀ jáde lọ́dún 1799. Ṣùgbọ́n àtẹ mélòó la fẹ́ tẹ̀? Àárín ọmọ ọdún méjì yàtọ̀ sí ti ọmọ ọdún márùn-ún, ti ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin. Ọ̀nà àbáyọ ni z. Z ń pa gbogbo ìlà nọ́mà tó wà láyé pọ̀ sí ẹyọ kan ṣoṣo, tí àárín rẹ̀ jẹ́ 0, tí ìwọ̀n ìfọ́nká rẹ̀ sì jẹ́ 1. Àtẹ kan wá tó fún gbogbo wọn.

Bí a ṣe ń rí z kò le. A ó yọ gíga àárín kúrò nínú gíga ọmọ, a ó sì fi ìwọ̀n ìfọ́nká pín ohun tó kù:

```
z = (83.2 − 87.1) ÷ 3.06 = −1.27
```

Àmì ìyọkúrò iwájú rẹ̀ ń sọ fún wa pé ọmọ náà wà nísàlẹ̀ àárín. 1.27 ń sọ pé jíjìnnà tó jìnnà sí àárín tó ìwọ̀n ìfọ́nká kan àti díẹ̀ lé.

Ó wá kan àtẹ. A máa ń gé z sí nọ́ńbà méjì lẹ́yìn ojú àmì, nítorí bí wọ́n ṣe to àtẹ náà nìyẹn. Nọ́ńbà tó wà lápá òsì, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ń mú apá àkọ́kọ́ z: 0.0, 0.1, 0.2, títí lọ. Èyí tó wà lókè, láti òsì sí ọ̀tún, ń mú nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn: .00, .01, .02, títí dé .09. Ká fi àmì ìyọkúrò sílẹ̀ ná. Fún 1.27, a ó sọ̀kalẹ̀ dé ọ̀wọ́ 1.2, a ó sì rìn lọ sí apá ọ̀tún títí dé abẹ́ òpó .07. Nọ́ńbà tó wà níbi tí méjèèjì ti pàdé ni 0.8980.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣubú. Wọ́n rí 0.8980, wọ́n sì kọ ọ́ pé nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọmọ nínú ọgọ́rùn-ún ló kúrú ju ọmọ yìí lọ. Ó yẹ kí ojú fura. Ọmọ tó wà nísàlẹ̀ àárín kò lè ga ju ìlàjì ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, áḿbọ̀sìbọ́sí àádọ́rùn-ún. 0.8980 jẹ́ ìwọ̀n ààyè tó wà lápá òsì +1.27. Níwọ̀n bí apá méjèèjì ìlà náà ti dọ́gba, ohun tó wà lápá òsì −1.27 kò yàtọ̀ sí ohun tó wà lápá ọ̀tún +1.27, ìyẹn 1 − 0.8980, tó jẹ́ 0.1020. Nǹkan bí ọmọ mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló kúrú ju ọmọ wa lọ. Àádọ́rùn-ún ló ga jù ú. Kò ga, lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní ọmọ tó ràn, nítorí −2 ni ààlà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sí ìyẹn.

Àwọn àtẹ kan ní ojú ewé fún z tó ní àmì ìyọkúrò, níbẹ̀, −1.27 máa fún ọ ní 0.1020 tààrà. Àwọn mìíràn kò ní in. Èyí tó tún wá ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni pé kì í ṣe ohun kan náà ni gbogbo àtẹ ń wọ̀n. Òmíràn ń ka ààyè láti ìpẹ̀kun òsì títí dé z, bí èyí tí a lò yìí. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ láti àárín dé z nìkan, tó fi jẹ́ pé 0.3980 ni wàá bá lábẹ́ 1.27. Ẹ̀kẹta ń wọn ìrù apá ọ̀tún, 0.1020 ló sì wà níbẹ̀. Ọmọ ilé ìwé tó fi àtẹ kan kẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n wá fún ní òmíràn nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, lè gba òdo láìjẹ́ pé kò mọ iṣẹ́.

Kí o tó lo àtẹ èyíkéyìí, wo z = 1.00 nínú rẹ̀ ná. Tí o bá bá 0.8413 níbẹ̀, láti ìpẹ̀kun òsì ló ń kà. Tó bá jẹ́ 0.3413, láti àárín ni, fi 0.5 kún un tí apá òsì z rere lo bá ń wá. Tó bá jẹ́ 0.1587, ìrù ọ̀tún ni. Ó dára kí o tún ya ìlà náà sórí ìwé, kí o sì kun ibi tí o ń wá. Tí ibi tí o kùn bá kéré sí ìlàjì, tí ìdáhùn rẹ sì ju 0.5 lọ, padà sẹ́yìn.

Nígbà mìíràn, àárín z méjì la ń wá. Ọmọ tí z rẹ̀ bọ́ sí àárín −3 àti −2 ni wọ́n ń pè ní ẹni tó ràn níwọ̀nba. Èyí tó bá rẹlẹ̀ ju −3 lọ ti ràn gan-an. Àtẹ fún wa ní 0.0228 fún −2, ó sì fún wa ní 0.0013 fún −3. Yọ kékeré kúrò nínú ńlá, ó kù 0.0215. Ìwọ̀n ààyè la ń yọ kúrò lára ara wọn, z kọ́. Ẹni tó yọ 2 kúrò nínú 3, tó wá lọ wo 1 nínú àtẹ, ti lọ wọn ibòmíràn.

Àtẹ kò mọ̀ bóyá nọ́ńbà tí a mú wá bá a dára. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Tó bá ti pé, ìdúró ni. Gígùn ìdùbúlẹ̀ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 0.7 ju ti ìdúró lọ. Ká ní ìdùbúlẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ti rí 83.2 wa yìí, gíga ọmọ náà tó bá dúró yóò jẹ́ 82.5, z rẹ̀ yóò di −1.50, ìwọ̀n ààyè rẹ̀ yóò sì já sí 0.0668. Ọmọ mẹ́wàá tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ di méje nítorí bí wọ́n ṣe gbé e sí orí pákó.

Ààlà kejì tí àtẹ ní ni pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń tẹ̀lé ìlà nọ́mà. Gíga ń tẹ̀lé e. Ìwúwo kò tẹ̀lé e dáadáa. Fún ọmọkùnrin olóṣù mẹ́rìnlélógún kan náà, kílò 12.2 ni àárín, 9.7 ni −2, 15.3 sì ni +2. Láti àárín lọ sísàlẹ̀ jẹ́ 2.5, láti àárín lọ sókè jẹ́ 3.1. Ìrù apá ọ̀tún gùn jù. Ìdí nìyẹn tí àjọ náà fi ń lo fọ́múlà tó ń tún ìwúwo ṣe kí ó tó di z, kì í ṣe ìyọkúrò àti pínpín lásán. Tí ìjìnnà ọwọ́ òsì àti ọ̀tún kò bá dọ́gba, má ṣe tíì gbé àtẹ.

A tún lè rin ọ̀nà yìí padà: kí a mọ ìwọ̀n ààyè, kí a wá z. Nínú ìwádìí ìlera àti iye olùgbé tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà lọ́dún 2018, ọmọ mẹ́tàdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló wà nísàlẹ̀ −2 ní ti gíga. Láàárín àwọn ọmọ tó dàgbà láìsí ìdíwọ́, 2.28 péré ni kó jẹ́. Tí a bá wá 0.37 nínú ikùn àtẹ, èyí tó sún mọ́ ọn jù ni 0.3707, z rẹ̀ sì jẹ́ −0.33. Tí ìfọ́nká àwọn ọmọ wa bá jẹ́ 1 bíi ti àjọ náà, á jẹ́ pé àárín wọn fúnra rẹ̀ ti sún lọ sí −2 + 0.33, ìyẹn −1.67. Ìṣirò àfojúbù ni, nítorí ìfọ́nká inú ìwádìí máa ń ju 1 lọ, pàápàá níbi tí ìyá kò bá rántí ọjọ́ ìbí ọmọ dáadáa. Síbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ kò farasin: gbogbo ìlà náà ló ti sún sí òsì, àti ọmọ tó ràn, àti èyí tí wọ́n ní kò ràn.